Ibi Tí Ògiri Ìbéèrè Ti Lanu

Ọmọ mi,

Mo ti rí ogún ìbéèrè tó o kọ fún àwọn ọmọ SS2 rẹ lórí àjọ elétò ìdìbò àti bí ìdìbò ṣe ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Lẹ́ẹ̀kíní, mo kà á bí olùkọ́ tó mọ ìdáhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á bí ọmọ tí kò kàwé, tó kàn ń wá ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó bá máa kọ ìbéèrè ọbujẹ́tíìfù gbọ́dọ̀ lè jókòó sórí àga méjèèjì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ogún. Èyí àkọ́kọ́ ni ká kọ́kọ́ tú palẹ̀, torí àìsàn tó ń ṣe é ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Bó o ṣe kọ ọ́ nìyí:

Àjọ wo ló ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀?
A. INEC
B. LASIEC
C. Ọlọ́pàá
D. Gbogbo wọn

Má rò pé mo fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi fúnra mi ti kọ ìbéèrè yìí rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tìrẹ látòkè délẹ̀. Ó ti pẹ́, mi ò sì ní dárúkọ iléèwé náà. LASIEC ni mo kọ sínú ìwé ìdáhùn mi pé ó tọ̀nà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì náà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Kubwa, l'Ábùjá, wá sí Ìsọlọ̀. INEC ló mú. Mo fi báírò pupa fagi lé e. Nígbà tí mo dá ìwé padà fún wọn, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní, "Sà, INEC ló ṣe tiwa l'Ábùjá o. Èmi àti màmá mi la jọ lọ." Mo ní kó lọ jókòó.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Ó ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ elétò ìdìbò tirẹ̀, èyí tí yóò máa ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbújá kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò sì ní irú àjọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wo òfin ìdìbò mọ́ ọn, ó hàn kedere pé INEC ló ń ṣètò ìdìbò sí ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀. Ọmọ náà ló jàre. Ìbéèrè mi kò sọ pé Èkó ni mò ń sọ. Èkó ló wà lọ́kàn mi, ọkàn mi kò sì sí lórí bébà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ lónìí kò ju bí a ti ń wá ibi tí ògiri ìbéèrè ti lanu lọ, pàápàá jù lọ ní orí ìbéèrè. Orí ìbéèrè ni mò ń pe gbólóhùn tó wà lókè, kí a tó dé A, B, C àti D. Nínú ọ̀rọ̀ ìdìbò, òtítọ́ a máa yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn, láti irú ìdìbò kan sí òmíràn, àti láti ọdún kan sí èkejì. Bí orí ìbéèrè kò bá dá ààlà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn méjì lè tọ̀nà, ẹni tó sì máa jìyà rẹ̀ ni ọmọ tó mọ̀ jù.

Jẹ́ kí n fi àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí o bá bi ẹni tó ń gbé Èjìgbò pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ló wà, ó lè ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀, ó sì lè ní Èjìgbò. Kò purọ́ nínú èyíkéyìí. Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Oṣòdì-Ìsọlọ̀, ọ̀kan nínú ogún tí ìpínlẹ̀ Èkó ní. Ní ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá mẹ́tàdínlógójì mìíràn sílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní LCDA, ibẹ̀ ni Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ti ya kúrò lára Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún 2004 pé dídá tí ìpínlẹ̀ dá wọn sílẹ̀ bófin mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí ìgbà tí ilé aṣòfin l'Ábùjá bá fi òfin tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, INEC ń fi ogún ṣírò nígbà tó bá ń ka ìbò gómìnà, LASIEC sì ń ṣètò ìdìbò sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Bí o bá kọ ọ́ pé "Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó?", tó o wá to 20 àti 57 sábẹ́ rẹ̀, ìjà lo dá sílẹ̀ yẹn.

Ti ọdún náà ńkọ́? Ìbéèrè rẹ kẹta bi wọ́n pé ta ni alága INEC. Ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 yóò mú Mahmood Yakubu. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà fi parí, Joash Amupitan ló wà lórí àga. Ìwé ìbéèrè tí olùkọ́ tẹ̀ pamọ́ sínú káńbọ́ọ̀dù, tó sì tún gbé jáde ní táàmù kejì, ti di irọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kọ ọdún sí i: "Ta ni alága INEC nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2023?" Ìdáhùn ìyẹn kò ní yí padà láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ìdìbò. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n fi dìbò ọdún 2023, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí ìbéèrè rẹ bá dá lórí iye ọjọ́ tàbí iye owó tí òfin sọ, kọ ọdún òfin náà sí orí ìbéèrè, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó tún un lò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tún orí ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ kọ: "Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ta ló ṣètò ìdìbò àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tó wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025?" Ibi ti wà níbẹ̀, irú ìdìbò ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ti wà níbẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ bo A sí D mọ́lẹ̀. Ṣé ọmọ tó kàwé lè dáhùn rẹ̀ láìrí wọn? Ó lè dáhùn rẹ̀. Ìdánwò tí orí ìbéèrè gbọ́dọ̀ yege nìyẹn. Wá wo ìbéèrè rẹ kẹfà, tó ní "INEC jẹ́ àjọ tí" tó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bo ìdáhùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o rí i pé kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń béèrè. Kì í ṣe ìbéèrè, ìdajì gbólóhùn ni.

Ó ku ìdáhùn mẹ́rin ìsàlẹ̀. Ọ̀kan tọ̀nà, mẹ́ta jẹ́ ẹ̀tàn. Èyí tó tọ̀nà kò ṣòroó kọ. Iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀tàn mẹ́ta yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń rẹ̀, tí wọ́n á fi "ọlọ́pàá" àti "gbogbo wọn" dí àlàfo. Ọmọ Oṣòdì wo ló máa gbà pé ọlọ́pàá ló ń ṣètò ìdìbò? Ó ti rí wọn tí wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán níbi ìdìbò, ó mọ̀ pé ààbò ni wọ́n wá ṣe. "Gbogbo wọn" tún burú jù ú lọ. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú mẹ́ta tó ṣáájú kò tọ̀nà ti mọ̀ pé òun kò ní mú un, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tó mọ̀ pé méjì tọ̀nà yóò mú un láìmọ ìkẹta. Kò wọn ohunkóhun.

Níbo la ti ń rí ẹ̀tàn gidi? Lẹ́nu àwọn ọmọ náà ni. Kí o tó kọ ìbéèrè náà, pín pélébé bébà fún wọn níparí ẹ̀kọ́, béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wọn láìto ìdáhùn kankan, kí o sì gba gbogbo rẹ̀ padà. Má fi máàkì sí i. Ka àṣìṣe wọn. O ó rí i pé àṣìṣe ọmọ kì í ṣàdédé wá, ó ní ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn kan á kọ INEC, nítorí INEC ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò. Àwọn kan á kọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ pé gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ LASIEC, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ń fọwọ́ sí i; wọ́n fi ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́. Àwọn kan á kọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí orúkọ náà ló bá ọ̀rọ̀ mu. Ó tán, o ti rí ẹ̀tàn mẹ́ta:

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ta ló ṣètò ìdìbò àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tó wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025?
A. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó
B. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀
C. INEC
D. LASIEC

Kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Mo fi orúkọ àwọn àjọ méjèèjì sílẹ̀ ní gígé kúrú bí gbogbo ayé ṣe ń pè wọ́n. Bí mo bá kọ "Àjọ Elétò Ìdìbò Ìpínlẹ̀ Èkó" lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ "ìdìbò" tó wà ní orí ìbéèrè yóò máa ju ọwọ́ sí "ìdìbò" tó wà nísàlẹ̀, ọmọ tí kò kàwé á sì gbé e. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìjọba, mi ò rí ibi tí ewu yìí pọ̀ sí tó ibi ọ̀rọ̀ àjọ elétò ìdìbò, nítorí orúkọ àjọ náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ìtàn ti bá ọ ṣe ẹ̀tàn sílẹ̀. Orúkọ àjọ tó ń ṣètò ìdìbò fún orílẹ̀-èdè yìí ti yí padà léraléra. FEDECO ló ṣe ti ọdún 1979 àti 1983. NEC ló tẹ̀ lé e lábẹ́ ìjọba ológun, Humphrey Nwosu sì ni alága rẹ̀ nígbà ìdìbò tí Abiọ́lá àti Tofa jọ dù. NECON wá nígbà Abacha. INEC dé lọ́dún 1998. Kọ ọ́ báyìí: "Àjọ wo ló ṣètò ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993?" Kó o wá to FEDECO, INEC, NEC àti NECON tẹ̀ lé ara wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àjọ gidi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣètò ìdìbò rí tàbí gbìyànjú rẹ̀, gígùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn kò ní rí ibi tó máa gbà.

Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ló mú mi rántí ìbéèrè rẹ keje. O béèrè bí wọ́n ṣe ń yan alága INEC. A jẹ́ "Gómìnà", B jẹ́ "Ilé ẹjọ́", C jẹ́ "Ìdìbò", D wá jẹ́ "Ààrẹ ló ń yàn án lẹ́yìn tó bá ti gba ìmọ̀ràn Ìgbìmọ̀ Amọ̀ràn Orílẹ̀-èdè, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì fọwọ́ sí i." Ìdáhùn tó tọ̀nà ń tàn yanran bí ẹni wọ agbádá láàárín àwọn tó wọ ṣòkòtò péńpé. Olùkọ́ tó fẹ́ ṣe olóòótọ́ ló máa ń kó sínú ọ̀fìn yìí: kò fẹ́ kí ìdáhùn òun ní àbùkù, ó sì ń fi àlàyé kún un ṣáá. Kó àlàyé náà lọ sókè. "Lẹ́yìn tí ààrẹ bá ti mú orúkọ wá, ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹni náà tó lè di alága INEC?" Wá to Ìgbìmọ̀ Amọ̀ràn Orílẹ̀-èdè, ilé aṣojú-ṣòfin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Báyìí, ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mú Ìgbìmọ̀ Amọ̀ràn, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì sọ fún ọ ohun tó o máa tún kọ́ wọn.

Ẹ̀yà kejì ìbéèrè rẹ dá lórí ọjọ́ ìdìbò gan-an. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó o ṣọ́. O kọ ọ́ pé: "Ta ló ń kéde èsì ìdìbò?" Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó o ti rí lójú ara rẹ. Bí wọ́n bá ti dìbò tán nílé ìdìbò, alábòójútó ibùdó á da ìwé ìbò sílẹ̀, á pín in sí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, á máa gbé e sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èrò tó dúró á máa bá a kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí tí ohùn á fi ha. Á kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á buwọ́ lù ú, á sì ké èsì náà jáde létígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ó kéde àbí kò kéde? Ó kéde. Láti ibẹ̀, EC8A á gba wọ́ọ̀dù lọ, níbi tí wọ́n á ti kó iye àwọn ibùdó jọ sínú EC8B. Ti àwọn wọ́ọ̀dù á wọ EC8C ní ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ibùdó ló máa sọ pé lágbájá ló wọlé. Nínú ìdìbò ààrẹ, alága INEC ni ẹni náà. Òun náà kéde.

Nítorí náà, "kéde" nìkan kò tó. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì tí òfin yà sọ́tọ̀: sísọ iye ìbò jáde, àti sísọ ẹni tó wọlé. Ìwọ tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà kò bọ́ nínú ewu yìí, nítorí Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rò ó kí wọ́n tó dáhùn. Pín in sí méjì. "Ní ibùdó ìdìbò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka ìbò tán, òṣìṣẹ́ wo ló ń sọ iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde fún àwọn tó wà níbẹ̀?" Èkejì: "Nínú ìdìbò ààrẹ, òṣìṣẹ́ wo ni òfin fún láṣẹ láti sọ ẹni tó wọlé?" To òṣìṣẹ́ INEC mẹ́rin kan náà sábẹ́ méjèèjì: alábòójútó ibùdó, akójọ-ìbò wọ́ọ̀dù, kọmíṣánnà INEC ní ìpínlẹ̀, alága INEC. Ìdáhùn tó tọ̀nà ní ọ̀kan á di ẹ̀tàn ní èkejì. Ọmọ tó mọ àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè yóò gba méjèèjì. Ẹni tó há orúkọ kan sórí yóò gba ọ̀kan, yóò sì pàdánù ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbéèrè kan máa fọhùn fún ìbéèrè mìíràn. Nínú ogún rẹ, ìkẹrìnlá sọ ní orí rẹ̀ pé, "Fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ iye ìbò sí ní ibùdó ìdìbò," ìkejìdínlógún sì wá béèrè fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ iye ìbò sí ní ibùdó. Ọmọ tó gbọ́n yóò kàn ṣí ojú ewé padà ni.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kù, ó sì nílò sùúrù. Òfin sọ pé kí ẹnì kan tó lè di gómìnà, lára ohun tó gbọ́dọ̀ ní, lẹ́yìn ìbò tó pọ̀ jù, ni ìdá mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. O fẹ́ fi Èkó ṣírò rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ogún jẹ́ mẹ́tàlá àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣé mẹ́tàlá lo máa pè é ni, àbí mẹ́rìnlá? Kí o tó dáhùn, rántí ọdún 1979. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ní ìdá mẹ́rin ìbò ní ìpínlẹ̀ méjìlá, ṣùgbọ́n kò ní in ní ìkẹtàlá, ìyẹn Kano. Richard Akinjide, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ NPN, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ni kí wọ́n wò, kì í ṣe Kano lódidi. FEDECO kéde Shagari. Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fara mọ́ ìkéde náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Bí ìpín kan tí kò pé odidi bá lè dá adájọ́ láàmú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wàá fi gbé e síwájú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kí o sì ní ìdáhùn kan ló tọ̀nà?

Ṣe é ní ìpínlẹ̀ tí iye rẹ̀ pín dọ́gba. Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. "Òǹdíje kan ló ní ìbò tó pọ̀ jù nínú ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ó kéré tán, nínú ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ló ti gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́rin ìbò?" A. 11, B. 17, C. 22, D. 33. Mo tò wọ́n láti kékeré sí ńlá kó má bàa ní ibi tí ojú ti máa kọ́. Kò sí nọ́ńbà tí mo ṣàdédé mú níbẹ̀. Ẹni tó mú 11 rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ẹni tó mú 17 rò pé kó kàn ju ìdajì lọ ti tó. Ẹni tó mú 33 rò pé gbogbo wọn ni. Ọ̀ṣun tó ní ọgbọ̀n àti Òǹdó tó ní méjìdínlógún náà á ṣe é. Ti ààrẹ, fi Àbújá sílẹ̀ nínú ìṣírò: ipò rẹ̀ nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023.

Bí o bá ti kọ ọ́ tán, kò tíì tán. Àwọn ọmọ ló máa sọ bí ìbéèrè náà bá dára. Ká ní ogójì ọmọ ló dáhùn ìbéèrè LASIEC tí a tún kọ yẹn. Ka iye tó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní méjìdínlógún mú LASIEC, mẹ́rìnlá mú INEC, mẹ́fà mú ilé aṣòfin, méjì mú iléeṣẹ́ ìjọba. Èyí tí méjì péré mú ti ń kú lọ. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀, tàbí kí o fi ìdáhùn mẹ́ta sílẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ dára ju mẹ́rin tí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ òkú igi lọ, bí kì í bá ṣe pé bébà ìdánwò àjọ ńlá lò ń fara wé, tí mẹ́rin sì jẹ́ dandan.

Lẹ́yìn náà, to ìwé wọn láti orí ẹni tó gba máàkì jù nínú odidi ìdánwò náà dé orí ẹni tó gba èyí tó kéré jù. Mú mọ́kànlá lókè, mú mọ́kànlá nísàlẹ̀. Bí mẹ́sàn-án nínú àwọn tòkè bá gba ìbéèrè yìí, tí mẹ́ta péré nínú tìsàlẹ̀ gbà á, ìbéèrè náà ń ya ẹni tó mọ̀ sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ. Bí iye wọn bá dọ́gba, kò wọn ohunkóhun. Bóyá ó rọrùn jù, bóyá gbogbo wọn ló ń ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rin péré bá gbà á lókè, tí méje gbà á nísàlẹ̀, dúró. Má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Mú àwọn ọmọ òkè tó kùnà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí o sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò. Nígbà púpọ̀, wọ́n ti rí ibi tí ògiri ti lanu kí ìwọ tó rí i, ó sì lè jẹ́ pé ìwé ìdáhùn tìrẹ ni ó ní àṣìṣe.

Tún mọ́kàndínlógún yòókù kọ báyìí, kó o kó wọn bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí o bá dé, màá fi ìwé ìdánwò kan hàn ọ́, ó ti pọ́n lẹ́tìí. Ọmọ Kubwa yẹn ló ni ín. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti fún un ní máàkì rẹ̀, mi ò sì dá a padà mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀, wàá rí ibi tí mo ti fagi pupa lé e, wàá sì rí ibi tí mo ti fi búlúù fagi lé igi pupa náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí orí ìbéèrè tèmi: "Ní ìpínlẹ̀ Èkó."